Ẹ̀hónú Tán, Ìtara Ò Tíì Dé

Ọ̀gá kan lè dé sáìtì ìkọ́lé lọ́jọ́ Ẹtì, kó pín fìlà àti ẹ̀wù tí wọ́n tẹ orúkọ iléeṣẹ́ sí fún àwọn òṣìṣẹ́, kó sọ̀rọ̀ ìwúrí fún wọn, kó sì máa retí pé ọwọ́ wọn á yá sí iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò sí omi mímu ní sáìtì, inú igbó ni wọ́n sì ti ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ọjọ́ Ajé bá dé tí iṣẹ́ ò rìn, á ní aláìmoore ni wọ́n. Aláìmoore kọ́ ni wọ́n. Ohun tó fún wọn kọ́ ló ń dùn wọ́n.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún ayé ni Frederick Herzberg, ọmọ Amẹ́ríkà tó kọ́ nípa ìrònú ẹ̀dá. Òun pẹ̀lú Bernard Mausner àti Barbara Snyderman fọ̀rọ̀ wá nǹkan bíi 200 ẹnjiníà àti oníṣirò owó lẹ́nu wò ní agbègbè Pittsburgh, wọ́n sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1959. Ìbéèrè wọn rọrùn: ìgbà wo ni iṣẹ́ yín dùn mọ́ yín jù lọ, ìgbà wo ló sì sú yín jù lọ, kí ló sì fà á?

Ẹnikẹ́ni á rò pé ohun kan náà ni wọn yóò máa dárúkọ: owó gidi nígbà ayọ̀, owó táṣẹ́rẹ́ nígbà ìbínú. Ìdáhùn wọn ò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sọ ìgbà ayọ̀, iṣẹ́ tó bọ́ sí i, ẹni tó rí i tó yìn wọ́n, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ àti ojúṣe tí wọ́n fi lé wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń dárúkọ. Nígbà tó kan ìgbà ìbínú, òfin iléeṣẹ́, ìwà ọ̀gá, owó oṣù àti ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ló gba ẹnu wọn. Herzberg wá sọ pé kí ẹ̀hónú tán yàtọ̀ sí kí ìtara dé. Ó pe àwọn ohun tó ń fa ẹ̀hónú ní ohun ìmọ́tótó, nítorí pé bí a bá gbá àyíká, tí a sì wa kànga tó mọ́, àrùn onígbáméjì ò ní wọlé, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ò sọ ẹnikẹ́ni di alágbára.

Ṣáájú rẹ̀, lọ́dún 1943, Abraham Maslow ti kọ̀wé pé àìní ẹ̀dá ní ìpele: oúnjẹ àti oorun ló ṣáájú, ààbò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kéèyàn ní ẹni tirẹ̀, kó níyì, kó sì di gbogbo ohun tó lè dà. Ọ̀pọ̀ ló ti rò pé àtẹ̀gùn tí a kì í fò ni èyí. Maslow fúnra rẹ̀ sọ pé èkíní ò ní láti kún tán kí èkejì tó jí. Lébìrà tí kò tíì yó dáadáa náà fẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ òun. Ohun tí èmi rí bí ẹ̀kọ́ tó wúlò jù nínú ọ̀rọ̀ Maslow ni pé èèyàn lè tún padà sí ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ tí ohun tó wà nísàlẹ̀ bá mì.

Báwo wá ni ìtara ṣe ń dé? Lọ́dún 1968, Herzberg kọ àpilẹ̀kọ kan sínú Harvard Business Review, ó sì ròyìn àwọn obìnrin tó ń dáhùn lẹ́tà àwọn onípìn-ín ìdókòwò ní iléeṣẹ́ ńlá kan. Wọ́n kàwé, síbẹ̀ iṣẹ́ wọn ò dán mọ́rán. Alábòójútó ló ń fọwọ́ sí gbogbo lẹ́tà, òun ló sì ń yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Wọ́n mú ìpín kan nínú wọn, wọ́n ní kí wọ́n máa fi orúkọ ara wọn sí lẹ́tà, kí wọ́n máa kọ ọ́ bó ṣe bá ẹni tó béèrè mu, kí àṣìṣe sì wà lọ́rùn ẹni tó kọ ọ́. Ní ti àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, dípò gbogbo lẹ́tà, bíi 10 nínú 100 ni alábòójútó ń yẹ̀ wò. Wọn ò fi ohun ìmọ́tótó kún tiwọn ju ti àwọn ìpín yòókù lọ. Iṣẹ́ kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, nítorí pé ọwọ́ wọn ò tíì mọ́ ọn. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, wọ́n ti ju àwọn yòókù lọ. Ọ̀gá tí kò ní sùúrù ì bá ti dá gbogbo rẹ̀ padà ní oṣù àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká gbé e padà sí sáìtì. Ká sọ pé òṣìṣẹ́ 14 ń kọ́ ilé ìwòsàn kékeré kan fún oṣù mẹ́jọ. Agbaṣẹ́ṣe san gbogbo gbèsè, ó gbẹ́ ṣáláńgá, ó gbé dúrọ́ọ̀mù omi wá, ó sì ń sanwó ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ariwo rọlẹ̀, wọn kì í pẹ́ dé mọ́. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń tan ara wọn jẹ, tí wọ́n ń pe ìdákẹ́jẹ́ ní ìdùnnú. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ẹnjiníà ò bá sí nítòsí. Bí bíríkìlà bá rí i pé ògiri ti wọ́ díẹ̀, tó kàn ń to búlọ́ọ̀kù lọ nítorí pé kò sẹ́ni tó bi í, ẹ̀hónú ti tán, ìtara ò tíì dé.

Bí agbaṣẹ́ṣe bá wá ní kó máa to 200 búlọ́ọ̀kù lóòjọ́ dípò 150, ẹrù ló fi kún ẹrù. Ohun tó bá ti àwọn olùkọ lẹ́tà yẹn mu ni kó fa wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún lé bíríkìlà kan àti lébìrà rẹ̀ méjì lọ́wọ́, láti orí ìpìlẹ̀ títí dé líńtù. Àwọn ni yóò ta okùn, àwọn ni yóò wọn ọ́n, bí ògiri bá sì wọ́, àwọn ni yóò tún un ṣe. Nígbà tí oníṣẹ́ bá wá wo ilé, bíríkìlà náà ni kó mú un rìn yíká wọ́ọ̀dù. Ìpìlẹ̀, irin àti kọnkéré òpó yàtọ̀ o. Ẹnjiníà ò gbọdọ̀ dín àyẹ̀wò ìyẹn kù, ohun yòówù kí ìwé sọ, torí ẹ̀mí wà níbẹ̀.

Àwọn kan ò gba ti Herzberg gbọ́ tán. Victor Vroom, fún àpẹẹrẹ, ní bí nǹkan bá dára, ara rẹ̀ lèèyàn ń gbóríyìn fún, bó bá bàjẹ́, a di ẹ̀bi ẹlòmíràn, nítorí náà ìdáhùn àwọn ẹnjiníà yẹn lè má fi gbogbo òtítọ́ hàn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi Herzberg ṣe àwáwí láti fi owó òṣìṣẹ́ falẹ̀.

Iṣẹ́ tó ní òpin tún ní ìṣòro tirẹ̀, tí iléeṣẹ́ olówó oṣù kì í sábà ní. Nígbà tó bá ku bí oṣù méjì, tí wọ́n ti kan páànù, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìpè lórí fóònù lẹ́yìn ilé. Á ní ara òun ò yá lọ́jọ́ Ajé, káfíńtà á sì bá sáìtì mìíràn lọ láì dágbére. Ààbò ló ti mì: kò mọ ohun tí yóò jẹ lẹ́yìn iṣẹ́ yìí. Ìyìn ò lè mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró lásìkò yìí. Kí agbaṣẹ́ṣe pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí àti ọjọ́ tí yóò san owó tó bá kù. Ẹni tó ní iṣẹ́ mìíràn fún, kó sọ fún un. Ẹni tí kò ní iṣẹ́ fún, kó sọ òótọ́, kó sì yọ̀ǹda ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún un láti wá òmíràn. Bí ọkàn wọn bá ti balẹ̀ báyìí, bíríkìlà tó kọ́ wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún lè ráyè dúró ti akunlé, kó fi ibi tí ògiri ti sán hàn án kó tó fi ọ̀dà bò ó.