Kí Ẹ Tó Ya Fọ́tò Ara Ọmọ Ránṣẹ́ sí Nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin òbí wa, ó ti di àṣà ní Ìkàrẹ́ àti Òkà pé bí nǹkan bá yọ sí ọmọ lára, a ó yà á ní fọ́tò, a ó fi ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́ tàbí Èkó. Kò burú. Ṣùgbọ́n ohun tí fóònù rí kì í ṣe ohun tí ojú rí. Ìyàtọ̀ yẹn lè mú ká máa fi ìpara lapalapa ra ohun tí kì í ṣe lapalapa fún oṣù mélòó kan.

Ẹ jẹ́ ká mú àmì roboto kan lẹ́yìn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bó bá jẹ́ lapalapa ni, etí rẹ̀ á ga díẹ̀, á máa ho ìpẹ́ wẹ́wẹ́, á sì máa yún ọmọ náà. Àárín rẹ̀ lè mọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀tẹ̀ ni, ojú ibẹ̀ sábà máa ń ṣá ju ara yòókù lọ, tàbí kó pọ́n bíi bàbà. Kì í sábà yún, ọmọ náà sì lè má mọ̀ bí nǹkan bá kan ibẹ̀.

Alẹ́ ni, kò sí iná, ìyá rẹ̀ sì tan fílàṣì. Ẹ̀gbẹ́ ojú kámẹ́rà gan-an ni iná yẹn ti ń jáde, nítorí náà ọ̀gangan ló ti bá awọ. Kò sí òjìji kankan. Òjìji ló sì ń jẹ́ ká mọ̀ pé etí nǹkan ga. Lapalapa tó ga yóò wá dà bí ohun tó tẹ́jú. Bí wọ́n bá ti fi òrí ra ọmọ náà tẹ́lẹ̀, ńṣe ni ibẹ̀ á máa dán funfun, nọ́ọ̀sì á sì rò pé awọ ṣá. Òdìkejì rẹ̀ ló burú jù: fílàṣì tàbí oòrùn ọ̀sán gangan lè sọ gbogbo ẹ̀yìn di funfun débi pé ojú tó ṣá ní tòótọ́ kò ní hàn mọ́.

Ẹ gbé ọmọ jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé tàbí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run wá láti ẹ̀gbẹ́, kí oòrùn fúnra rẹ̀ má kàn án. Ẹ pa fílàṣì. Gílóòbù pupa rẹ́súrẹ́sú inú ilé kò dára, nítorí á pa àwọ̀ ara dà.

Ẹ kíyè sí aṣọ tí ọmọ jókòó lé pẹ̀lú. Fóònù máa ń wo gbogbo ohun tó wà nínú fọ́tò, á sì wá ìmọ́lẹ̀ tó ṣe déédéé. Bí ìbora funfun bá gba ibi tó pọ̀, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ara aláwọ̀ dúdú á sì ṣókùnkùn débi pé pípọ́n awọ kò ní hàn. Aṣọ aláwọ̀ eérú tàbí búlúù tí kò dán ló dára.

Ní ti jíjìnnà, ọ̀pọ̀ fóònù kò lè ríran kedere bí wọ́n bá sún mọ́ nǹkan tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Àwọn tó ń fẹ́ kó hàn dáadáa ló sì máa ń sún mọ́ jù. Ẹ dúró ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, ẹ fi ìka kan etí àmì náà lójú fóònù kó lè mú un, ẹ fi ìgúnpá ti itan kí ọwọ́ má gbọ̀n. Bí ẹ bá rí ìpẹ́ àti irun wẹ́wẹ́ ara, ó ti mọ́lẹ̀ kedere nìyẹn. Ẹ tún ya òmíràn láti òkèèrè, kí nọ́ọ̀sì lè mọ ibi tó wà lára.

Ẹ gbé rúlà iléèwé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àmì tí ẹ yà ní sẹ̀ǹtímítà 15 lónìí, tí ẹ tún yà ní 30 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, yóò fẹ́ dà bíi pé ó ti fi ìdajì dínkù, láìjẹ́ pé ìpara ṣe nǹkan kan. Rúlà ni yóò tú àṣírí náà.

Bí ibi náà bá wọ inú awọ tó yẹ ní bíbò, kí òbí ọmọ fúnra rẹ̀ yà á, kí ó yọ ojú kúrò, kí ó sì bo ìyókù.

Fọ́tò kò lè fi mímọ̀ ara hàn. Ẹ ní kí ọmọ dijú, ẹ fi òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ara tó dá ṣáṣá, lẹ́yìn náà àmì náà, kó fi ìka tọ́ka síbi tó ti mọ̀ ọ́n. Bí kò bá mọ̀ ọ́n lórí àmì náà, ẹ má dúró de èsì fọ́tò: ẹ gbé e lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìjọba tó wà ní Ìkàrẹ́. Oògùn ẹ̀tẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Oṣù mẹ́fà tàbí méjìlá ni wọ́n ń lò ó. Bó bá sì mọ̀ ọ́n, ìyẹn nìkan kò tíì sọ pé kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ lójú ni àmì náà wà.

Bí ẹ bá ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ Document. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, ó máa ń fún un kéré, etí ìpẹ́ wẹ́wẹ́ sì ni ohun àkọ́kọ́ tó máa ń sọnù.