Ìgbà Tí Òòfà Kò Gba Inú Kọ́ìlì Kọjá Ni Fóòtì Ń Dé Góńgó

Bí ẹ bá tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ amúnáwá kékeré, irú èyí tí àwọn onígbàjámọ̀ àti àwọn aránṣọ ń lò, ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ kò pọ̀: irin, òòfà, àti wáyà bàbà tí wọ́n wé di kọ́ìlì. Kò sí iná tí ẹnikẹ́ni kó pamọ́ síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń yí ṣáàfùtù, iná sì ń jáde. Gbogbo wa la mọ̀ pé yíyí yẹn ló ń mú iná wá. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé ìgbà wo gan-an, láàárín yíyí ẹyọ kan, ni iná náà lágbára jù, ìdáhùn tó máa kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn kì í tọ̀nà. A máa rò pé ìgbà tí òòfà bá gba inú kọ́ìlì kọjá jù lọ ni. Ìgbà yẹn gan-an ni fóòtì rẹ̀ jẹ́ òdo.

Máíkẹ́ẹ̀lì Fárádè ló fi ìdí ọ̀rọ̀ náà hàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, iṣẹ́ dídi ìwé ló sì kọ́ nígbà èwe rẹ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹjọ, ọdún 1831, ó dán ohun kan wò pẹ̀lú òrùka irin tó wé wáyà méjì mọ́, ọ̀kan ní apá kan, ìkejì ní apá kejì, láìjẹ́ kí wọ́n kan ara wọn. Ó so wáyà àkọ́kọ́ mọ́ bátìrì, ó sì fi abẹ́rẹ́ òòfà sẹ́bàá wáyà kejì láti mọ̀ bóyá iná gba ibẹ̀ kọjá. Bó ṣe so bátìrì náà báyìí, abẹ́rẹ́ ta kìjí, lẹ́yìn náà ó padà sí àyè rẹ̀, kò sì mì mọ́. Nígbà tó tú bátìrì, abẹ́rẹ́ tún ta kìjí, ṣùgbọ́n sí òdìkejì. Ẹ kíyè sí ohun tó wà láàárín méjèèjì. Ní gbogbo àsìkò tí bátìrì fi wà lórí wáyà, òòfà kún inú òrùka irin náà, síbẹ̀ abẹ́rẹ́ dúró gbári. Wíwà òòfà kò mú nǹkan kan jáde. Ìgbà tó ń dé àti ìgbà tó ń lọ nìkan ni iná fara hàn.

Ohun tí kọ́ìlì tó ń yí ń lò nìyẹn. Iye òòfà tó gba ojú kọ́ìlì kọjá ni à ń pè ní fílọ́ọ̀sì. Ẹ fojú inú wo férémù wíńdò kan tí ẹ gbé síta nígbà tí òjò ń rọ̀ tààrà láti òkè. Bí ẹ bá tẹ́ férémù náà sílẹ̀ gbalaja, òjò púpọ̀ ló máa gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá nà án dúró, òjò máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì lọ, kò ní sí ẹ̀kán kan tó gba àárín rẹ̀. Òjò kò dín kù, férémù kò sì kéré sí i, ìdúró rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Àkàwé náà kò kọjá ibẹ̀, torí pé òòfà kì í ṣàn bí omi. Ṣùgbọ́n bí kọ́ìlì ṣe ń yí láàárín òòfà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fílọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣe ń pọ̀, tó ń dín kù, tó ń di òdo, tó sì tún ń gba ojú kejì wọlé. Ìyípadà yìí kì í sinmi níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Agbára tó ń ti iná nínú wáyà, èyí tí a fi fóòtì wọ̀n, kì í tẹ̀ lé iye fílọ́ọ̀sì. Bí fílọ́ọ̀sì ṣe ń yára yí padà tó ló ń tẹ̀ lé.

Ká mú kọ́ìlì kan tí a lè ṣírò rẹ̀. Ìgbà 200 la wé wáyà rẹ̀. Ojú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 níbùú àti 10 lóròó, ìyẹn 0.01 mítà onígun mẹ́rin. Agbára òòfà tó wà láàárín rẹ̀ jẹ́ 0.5 Tẹ́sílà. Ó ń yí ní ìgbà 3000 láàárín ìṣẹ́jú kan, èyí tí wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amúnáwá kékeré ilẹ̀ wa fún. Ìgbà 50 nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Nígbà tí kọ́ìlì yìí bá kojú sí òòfà gbalaja, fílọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 0.5 × 0.01, ìyẹn 0.005 Wébà. Bó bá yí ìdá mẹ́rin yíyí kan, fílọ́ọ̀sì ti di òdo. Yíyí odindi gba 0.02 ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà ìdá mẹ́rin rẹ̀ gba 0.005. Fílọ́ọ̀sì 0.005 ló pòórá láàárín 0.005 ìṣẹ́jú àáyá, bí ẹni pé ó ń lọ ní ìwọ̀n 1 fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìgbà 200 tí a wé wáyà ló ń gba tirẹ̀, wọ́n sì to ara wọn jọ: fóòtì 200 ni, bí a bá pín in dọ́gba.

Ṣùgbọ́n kò pín dọ́gba rárá. Ẹ jẹ́ ká yẹ dígírì mẹ́wàá àkọ́kọ́ wò nínú ìdá mẹ́rin yẹn. Kọ́ìlì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ kojú òòfà tán. Kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún fílọ́ọ̀sì tó kúrò, fóòtì tó mú jáde ní àsìkò náà kò sì ju nǹkan bí 27 lọ. Ẹ wá wo dígírì mẹ́wàá tó kẹ́yìn, nígbà tí kọ́ìlì ti ń bọ̀ wá fi ẹ̀gbẹ́ kojú òòfà. Fílọ́ọ̀sì tó ṣẹ́ kù kò tó ìdá márùn-ún èyí tó wà níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló máa pòórá láàárín ìwọ̀nba àkókò kékeré kan náà. Fóòtì 313 ló jáde níbẹ̀. Ìyára kan náà ni ṣáàfùtù fi yí nígbà méjèèjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, títẹ̀ díẹ̀ kò dín ohun tó gba ojú kọ́ìlì kọjá kù púpọ̀. Ní ìparí, títẹ̀ díẹ̀ kan náà ló ń yọ́ gbogbo rẹ̀ dànù, kò sì ní dúró lórí òdo: kíá ni òòfà máa bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú kejì wọlé. Ìdí rèé tí góńgó fóòtì fi bọ́ sí ìgbà tí fílọ́ọ̀sì jẹ́ òdo. Lẹ́yìn ìdajì yíyí, góńgó mìíràn tún máa dé, ṣùgbọ́n iná náà yóò ti kọjú sí òdìkejì. Irú iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí náà ló wà nínú ògiri ilé wa.

Láti mọ góńgó náà láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa ka dígírì lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣírò kan ṣoṣo tó:

E = N × B × A × ω

N ni iye ìgbà tí a wé wáyà, B ni agbára òòfà, A ni ìwọ̀n ojú kọ́ìlì, ω sì ni ìyára yíyí, ìyẹn iye yíyí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tí a fi 2π sọ di púpọ̀. Fún kọ́ìlì wa, 2 × 3.14 × 50 jẹ́ 314. Bí a bá sọ 200, 0.5 àti 0.01 di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, 1 ló kù. Góńgó náà wá jẹ́ fóòtì 314. Ìyára wà níbẹ̀ nítorí pé bí kọ́ìlì bá yí ní ìlọ́po méjì, fílọ́ọ̀sì kan náà máa pòórá láàárín ìdajì àkókò.

Bí ẹ bá fi mítà wọn kọ́ìlì yìí, kì í ṣe 314 lẹ máa rí. 222 ni, nítorí pé mítà ń fi iye kan hàn tó dúró fún iṣẹ́ tí iná náà lè ṣe, kì í ṣe góńgó rẹ̀. Fún iná tó ń lọ tó ń bọ̀ báyìí, góńgó tí a pín pẹ̀lú 1.414 ni. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń tún nǹkan oníná ṣe rántí ìyàtọ̀ yìí, torí pé ohun tí a fi bo wáyà gbọ́dọ̀ fara da góńgó ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun yòówù tí mítà ì báà sọ.

Nínú ẹ̀rọ amúnáwá gidi, òòfà ló sábà máa ń yí, kọ́ìlì tó ń fún wa níná sì dúró sójú kan. Hípólítì Písíì, tó ń ṣe irinṣẹ́ ní Párísì, ti yí òòfà nísàlẹ̀ kọ́ìlì báyìí ní ọdún 1832. Ìṣírò náà kò yí padà, torí pé kọ́ìlì kò bìkítà ẹni tó ń yí, bí fílọ́ọ̀sì rẹ̀ bá ṣáà ti ń yí padà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé iná ńlá kò ní láti gba ara búrọ́ọ̀ṣì tó ń họ ara òrùka kó tó jáde.

Lẹ́tà mẹ́rin wọ̀nyí wúlò jù nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣàìsàn. ω nìkan nínú wọn ló tún ń pinnu iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀, èyí tí mítà tó dára máa ń fi Hz hàn. Ká ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wá sí 2700. Góńgó máa di 283, mítà máa ka 200, Hz náà á sì jábọ́ láti 50 sí 45. Fáànù máa ń yí jẹ́ẹ́jẹ́, gílóòbù á sì pọ́n. Bí méjèèjì bá jọ wálẹ̀ báyìí, ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ yẹ̀ wò: kábúrétọ̀, gọ́fanọ̀, tàbí ẹrù tó pọ̀ jù fún un.

Bí Hz bá wà ní 50 ṣùgbọ́n tí fóòtì kéré, ẹ́ńjìnnì kò jẹ̀bi. Nínú B tàbí N ni àìsàn wà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń fi ìwọ̀nba òòfà tó ṣẹ́ kù nínú irin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó fi ń mú iná díẹ̀ jáde, tí iná náà sì ń sọ òòfà di alágbára. Bí ìyókù yẹn bá ti ṣá, bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ tí wọ́n ti pa tì fún ìgbà pípẹ́, ẹ́ńjìnnì á ké bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n mítà kò ní ju òdo tàbí fóòtì díẹ̀ lọ. Nígbà náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń fi bátìrì fún kọ́ìlì òòfà níná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí irin lè tún rántí. Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n pé wáyà inú rẹ̀ kò já, nítorí wáyà tó já máa ń ṣe bákan náà.

N ló máa ń ṣòro jù láti mọ̀, nítorí lẹ́yìn tí onírìwáyà bá tún kọ́ìlì wé ló sábà máa ń fara hàn. Bó bá wé ìgbà 150 dípò 200, góńgó máa di nǹkan bí 236, mítà sì máa ka 167, bẹ́ẹ̀ Hz ṣì dúró ní 50. Ẹlòmíràn á wá fún gọ́fanọ̀ kí fóòtì lè padà sí 222. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìyára gbọ́dọ̀ di 4000 láàárín ìṣẹ́jú kan, Hz á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di 67. Mítà á sọ pé ó ti dáa, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ń sáré ju èyí tí wọ́n ṣe é fún, àwọn ẹ̀rọ tó ń gba iná náà ò sì sí lórí ìwọ̀n tí wọ́n ṣe wọ́n fún mọ́. Kò sí ohun tí gọ́fanọ̀ lè ṣe sí wáyà 50 tí kò sí níbẹ̀. Ẹ tú kọ́ìlì náà kúrò, kí wọ́n tún un wé.