Àkọsílẹ̀ Àjọ Tó Há Sínú Fóònù

Ẹ jẹ́ ká mú alájọ kan ní ọjà Bódìjà, n'Íbàdàn. Bó ṣe ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn ló ń tẹ iye tí oníbàárà dá sínú áàpù. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí, áàpù á tọ́jú àkọsílẹ̀ náà sínú fóònù, á fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó bá yá. WorkManager ni àwọn tó ń kọ áàpù Android sábà máa ń gbé "tó bá yá" yìí lé lọ́wọ́.

Ìlérí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣì gbọ́. Kò sọ pé aago báyìí lòun á ṣiṣẹ́. Ohun tó sọ ni pé òun á ṣe é nígbà tí ohun tí iṣẹ́ náà nílò bá wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún àpẹẹrẹ. Ó ń kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ sínú fóònù, nítorí náà bí fóònù kú tí wọ́n tún tàn án, iṣẹ́ náà ṣì wà. Èyí tí yóò máa wáyé léraléra kò lè yá ju ìṣẹ́jú 15 síra lọ. Láti Android 6 ní 2015 sì ni Doze ti ń dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró díẹ̀ bí fóònù bá wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

Ìdádúró lásán nìyẹn. Àwọn fóònù kan wà tó jẹ́ pé, nítorí bátìrì, bí ẹ bá ti fi ìka gbá áàpù kúrò nínú àwọn tó ṣí sílẹ̀, wọ́n á pa á pátápátá. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ á kúrò lọ́wọ́ JobScheduler, kò sì ní jí títí olóhun á fi ṣí i. Bí alájọ wa bá gbá a dànù nírọ̀lẹ́, tí àkọsílẹ̀ 12 ṣì wà níbẹ̀, ọ́fíìsì ò ní rí nǹkan kan títí di àárọ̀. Wọn ò sọnù o: bó bá ṣí áàpù, WorkManager á mọ̀ pé wọ́n pa òun, á tún iṣẹ́ náà tò.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, kó so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kó tẹ èyí kó tó tún ṣí áàpù, kó fi orúkọ áàpù tirẹ̀ rọ́pò:

```
adb shell dumpsys package com.ajo.alajo | grep stopped
```

Bó bá rí `stopped=true`, pípa ni wọ́n pa á.

Kò sí kóòdù tó lè borí èyí. A lè júwe ibi tí alájọ á ti yọ̀ǹda áàpù nínú ètò bátìrì, àmọ́ ibẹ̀ yàtọ̀ láti fóònù dé fóònù. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni kí áàpù fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ gbàrà tó bá ti ṣí, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ kí ọ́fíìsì má baà ka owó kan lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí ojú ìwé àkọ́kọ́ sọ ọ́ ketekete: "Àkọsílẹ̀ 12 kò tíì lọ." Alájọ tó bá rí i kò ní yára gbá a dànù. Ọ́fíìsì náà kò lè fi ìfiránṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì jí áàpù tí wọ́n ti pa, nítorí kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí wọn ò gbọ́ nǹkan kan, kí wọ́n pe alájọ lórí fóònù.