Ìwọ̀n Ìmújáde Àṣẹ́kù nínú Omi Ọ̀sà Èkó: Ohun tí Ìgò Funfun àti Ìgò Dúdú Lè Sọ àti Ohun tí Wọn Kò Lè Sọ

1.0 Ìfáárà

Pépà yìí dá lé orí ìbéèrè kan ṣoṣo: bí olùwádìí bá fi ọ́síjìn inú ìgò wọn iye oúnjẹ tí àwọn ewéko tíntìntín inú omi ń ṣe, èwo nínú àwọn iye tí ó rí ni ó yẹ kí ó pè ní ìmújáde àṣẹ́kù? Apá Ọ̀sà Èkó tí ó wà láàárín Ẹbúté Èrò àti Ìddó, nítòsí ọjà Òkè Àrin, ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀sà yìí kò jìn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a máa gba ẹnu èbúté wọlé, iyọ̀ inú ọ̀sà a sì pọ̀ sí i. Ní ìgbà òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn a máa da omi aláìníyọ̀ àti ẹrẹ̀ sínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kì í sì í lè wọlé jìnnà mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ìdọ̀tí ìlú ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọkọ̀ agbégbọ̀nsẹ̀ fi da ẹrù wọn sí i ní Ìddó.

Ní pápá koríko, ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni ìkórè: a óò gé koríko ilẹ̀ kan, a óò sá a gbẹ, a óò wọ̀n ọ́n, a óò sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀ láti mọ ohun tí ó fi lé. Ọ̀nà yìí kò wúlò fún ewéko tíntìntín inú omi. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì ni wọ́n lè di ìlọ́po méjì, bí wọ́n sì ti ń pọ̀ ni àwọn kòkòrò omi ń jẹ wọ́n. Ẹni tí ó bá wọ̀n wọ́n ní òní àti ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ lè rí i pé iye wọn kò yí padà, kí ó sì rò pé wọn kò ṣe nǹkan kan. Ìdí nìyí tí a fi ń lo pàṣípààrọ̀ afẹ́fẹ́: bí ewéko bá ń ṣe oúnjẹ, ó ń tú ọ́síjìn sílẹ̀; bí ó bá ń mí, ó ń gbà á padà.

2.0 Iye mẹ́ta tí kò gbọdọ̀ dàrú mọ́ ara wọn

Ẹ jẹ́ kí a wo oníṣòwò kan ní Òkè Àrin. Gbogbo owó tí ó wọlé fún un ní ọjọ́ kan ni a lè fi wé ìmújáde àpapọ̀. Bí ó bá yọ owó oúnjẹ ara rẹ̀ kúrò, ohun tí ó kù ni ìmújáde àṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, àwọn àlejò àti àwọn alágbàṣe bá tún jẹ nínú owó kan náà, iye tí ó kù nínú àpótí ní alẹ́ kì í ṣe àṣẹ́kù oníṣòwò náà mọ́. Àṣẹ́kù gbogbo agbo ilé ni. Bí àpótí bá ṣófo, a kò lè sọ pé oníṣòwò kò tajà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú ìgò omi ọ̀sà. Bí GPP bá jẹ́ ìmújáde àpapọ̀, tí Ra jẹ́ ìmí ewéko fúnra rẹ̀, tí Rh sì jẹ́ ìmí bakitéríà àti kòkòrò omi, a ó ní:

NPP = GPP − Ra
NCP = GPP − (Ra + Rh)

NPP ni ìmújáde àṣẹ́kù. NCP ni àṣẹ́kù àwùjọ, èyíinì ni ohun tí ó kù lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀dá inú omi ti jẹun. NCP ni ìgò ń fi hàn wá ní tààrà, NPP kọ́.

3.0 Bí a ṣe ń ṣe ìdánwò náà

Gaarder àti Gran ni wọ́n gbé ọ̀nà ìgò funfun àti ìgò dúdú kalẹ̀ ní 1927. A óò bu omi láti inú ìjìn kan náà, a óò sì rọra dà á sínú ìgò mẹ́ta, láìjẹ́ kí ó hó tàbí kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́. A óò wọn ọ́síjìn inú ìgò kìíní lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ (I). Ìgò kejì mọ́ gaara (L). Ìgò kẹta ni a fi nǹkan dúdú bò tí ìmọ́lẹ̀ kankan kò lè wọ̀ ọ́ (D). A óò so ìgò kejì àti ìkẹta kọ́ sínú omi ní ìjìn tí a ti bu omi wọn, fún nǹkan bí wákàtí 4. Ó yẹ kí ìgò kọ̀ọ̀kan ní ìkejì tàbí ìkẹta rẹ̀, kí a lè mọ bí èsì ṣe ń yàtọ̀ síra.

Ọ̀nà tí Winkler ṣe ní 1888 ni a fi ń wọn ọ́síjìn náà. Máńgánísì súlífétì àti áyódáìdì tí a pò mọ́ kọ́sítíìkì ni a óò kọ́kọ́ fi sí omi. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ yóò sì rọ̀ sílẹ̀. Bí ó bá funfun, kò sí ọ́síjìn nínú omi náà. Lẹ́yìn tí ásíìdì bá ti yọ́ ọ, a óò máa kán tiosúlífétì sí i títí àwọ̀ búlúù tí sítáàṣì fún un yóò fi pòórá. Nínú omi tí ìgbọ̀nsẹ̀ ti dàpọ̀ mọ́, bí ti Ìddó, náítíráìtì lè ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Àmì rẹ̀ ni pé àwọ̀ búlúù náà yóò tún padà wá lẹ́yìn tí a ti rò pé iṣẹ́ parí. Sódíọ̀mù ásáìdì tí a bá fi kún áyódáìdì ni ó ń borí rẹ̀. Àléébù kejì ni èéfọ́: bí a bá rí i nínú ìgò funfun, ọ́síjìn ti sá kúrò nínú omi, ìmújáde yóò sì kéré ju bí ó ti yẹ lọ.

4.0 Ìṣirò kan

Àwọn nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yìí wà fún àpẹẹrẹ ìṣirò nìkan. Wọn kì í ṣe èsì ìwádìí kan. Ká ní nítòsí ojú omi, I jẹ́ mílígírámù 6.2 nínú lítà kan, L jẹ́ 7.0, D sì jẹ́ 5.6 lẹ́yìn wákàtí 4.

L − D = 1.4, ìmújáde àpapọ̀
L − I = 0.8, àṣẹ́kù àwùjọ
I − D = 0.6, ìmí gbogbo ẹ̀dá inú ìgò

Ọ̀pọ̀ àbọ̀ ìwádìí ni ó máa ń pe 0.8 ní ìmújáde àṣẹ́kù. Èyí kò tọ̀nà, àfi bí kò bá sí bakitéríà tàbí kòkòrò kankan nínú omi náà. Ohun tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà ni pé NPP wà láàárín 0.8 àti 1.4, bí a bá gbà pé mímí nínú ìmọ́lẹ̀ kò yàtọ̀ sí mímí nínú òkùnkùn. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìmí náà bá jẹ́ ti ewéko, NPP jẹ́ 1.2.

Mílígírámù nínú lítà kan bá gírámù nínú mítà onígun-mẹ́ta kan dọ́gba. Nítorí náà ìmújáde àpapọ̀ ojú omi jẹ́ gírámù 0.35 ní wákàtí kan. Ká ní ó jẹ́ 0.25 ní ìjìn mítà 0.5, ó jẹ́ 0.10 ní mítà 1.0, kò sì sí rárá ní ìsàlẹ̀, ní mítà 1.5. Bí a bá mú ìdajì àròpọ̀ iye méjì tí ó tẹ̀ léra, tí a sọ ọ́ di ìlọ́po 0.5, tí a sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a óò ní nǹkan bí gírámù 0.26 fún mítà onígun-mẹ́rin kan ní wákàtí kan. Wákàtí 4 jẹ́ 1.05.

Ibí yìí ni àṣìṣe ńlá ti ń wọlé. Oòrùn ọ̀sán ni a fi wọ̀n ọ́n, nítorí náà a kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po 12. Ìmọ́lẹ̀ gbogbo ọjọ́ ni a óò wọ̀n. Bí ìdajì rẹ̀ bá bọ́ sí wákàtí 4 náà, ìmújáde àpapọ̀ ọjọ́ kan jẹ́ gírámù 2.1. Ṣùgbọ́n ìmí kì í sinmi ní òru. Bí ìmí ojú omi, èyí tí ó jẹ́ 0.15 ní wákàtí kan, bá rí bákan náà dé ìsàlẹ̀, fún wákàtí 24 yóò jẹ́ 0.15 × 1.5 × 24 = 5.4. Àṣẹ́kù àwùjọ wá di 2.1 − 5.4 = −3.3. Ìgò ọ̀sán sọ pé èrè wà. Odindi ọjọ́ sọ pé gbèsè ni.

Gbèsè yìí kì í ṣe ti ewéko. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìmí bá jẹ́ tiwọn, 2.1 − 1.8 fún wa ní ọ́síjìn gírámù 0.3. Bí a bá fi 0.3125 sọ ọ́ di kábọ́ọ̀nù, ó jẹ́ nǹkan bí gírámù 0.09 fún mítà onígun-mẹ́rin kan ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ìdajì ìmí ni tiwọn, NPP di −0.6: ewéko tí ó bá ń pàdánù báyìí lójoojúmọ́ yóò run. Bí wọ́n bá ṣì pọ̀ nínú omi náà ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, a jẹ́ pé àbá ìdajì náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. A lè fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré púpọ̀ yọ ewéko kúrò, kí a sì wọn ìmí bakitéríà tí ó kù. Àmọ́ àwọn ewéko tí ó kéré jù lọ yóò bá a kọjá, nítorí náà ìfojúdíwọ̀n ni èyí náà.

5.0 Bí a ṣe ń gbé e kalẹ̀ nínú àbọ̀ ìwádìí

Ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju orúkọ lọ. Bí àbọ̀ ìwádìí bá kọ −3.3 sí abẹ́ “ìmújáde àṣẹ́kù”, ẹni tí ó kà á yóò rò pé ewéko ọ̀sà ti kú, yóò sì máa wá ohun tí ó pa wọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ ni pé àwùjọ inú omi ń jẹ oúnjẹ tí ó ti ìta wá: ìdọ̀tí, ìgbọ̀nsẹ̀, ewé tí odò gbé wá. Ọ́síjìn tí ẹja apẹja Ìsàlẹ̀ Èkó nílò ní òru ni oúnjẹ náà ń ná. Àtúnṣe ibi tí a ń da ìdọ̀tí sí ni ọ̀ràn kan ń béèrè. Òmíràn ni èkejì ń béèrè.

Nítorí náà, kí àtẹ èsì ní òpó mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ìmújáde àpapọ̀, ìmí àwùjọ, àti àṣẹ́kù àwùjọ. Bí a bá fẹ́ fi NPP kún un, kí a kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ààlà láti iye kan dé èkejì, kí a sì kọ ìdá ìmí tí a gbà pé ó jẹ́ ti ewéko sí abẹ́ rẹ̀. Kí a sọ ibi tí 0.3125 ti wá: kábọ́ọ̀nù gírámù 12 fún ọ́síjìn gírámù 32, tí a fi 1.2 pín, nítorí pé ewéko a máa tú ọ́síjìn sílẹ̀ ju iye kábọ́ọ̀nù tí ó mú lọ. Kí ọjọ́, wákàtí, ìjìn, iyọ̀ omi àti iye ìgò hàn. Èsì ẹ̀ẹ̀rùn àti ti òjò kò gbọdọ̀ di ọ̀kan ṣoṣo tí a sọ di ìlọ́po 365.

Kí a sì sọ ohun tí ìgò kò rí. Kò rí ìmí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀. Kò rí ewéko léfòó-léfòó olódòdó àwọ̀ àlùkò tí a ti mọ̀ ní ọ̀nà omi Badágìrì láti 1984, tí ó ń bo ojú ọ̀sà ní ìgbà òjò, tí iyọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn sì ń pa. Ìkórè ni ó yẹ ẹ́, ṣùgbọ́n bí ìṣàn omi ti ń gbé e kiri, inú àhámọ́ tí a fi àwọ̀n ṣe ni a ti gbọ́dọ̀ kórè rẹ̀, kí a má baà ka àgbékiri sí ìdàgbà.

6.0 Ìgúnlẹ̀

A ti fi hàn pé L − I kì í ṣe ìmújáde àṣẹ́kù nínú omi tí ẹ̀dá mìíràn pọ̀ sí, àti pé èsì ọ̀sán lè yàtọ̀ pátápátá sí ti odindi ọjọ́. Ìgò funfun àti ìgò dúdú fún wa ní ìmújáde àpapọ̀ àti ìmí àwùjọ. Ìmújáde àṣẹ́kù wà láàárín ààlà tí àwọn méjèèjì pa, àbọ̀ ìwádìí tí ó sì fi ààlà náà hàn ni ó sọ òtítọ́ nípa Ọ̀sà Èkó.