Nígbà Tí Òbí Bá Di Olùtọ́jú: Ìpele Mẹ́ta Ìwòsàn Anorẹ́síà

Ó pẹ́ tí àwọn dókítà ní Yúróòpù ti gbà pé bí anorẹ́síà bá ń mú ọmọ febi pa ara rẹ̀, kí wọ́n gbà á kúrò lọ́wọ́ òbí ló dára. Ní 1987, Gerald Russell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Maudsley, Lọ́ńdọ́nù, gbé ìwádìí jáde. Ọmọ tí àìsàn náà mú kó tó pé ọdún 19, tí kò sì tíì lo ọdún mẹ́ta lára rẹ̀, jàǹfààní ìtọ́jú tẹbítẹbí ju èyí tí òun nìkan ń bá olùtọ́jú ṣe. James Lock àti Daniel le Grange ló wá kọ ọ́ di ìwé ìlànà: ìpele mẹ́ta, nǹkan bí ogún ìpàdé.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan, irú èyí tí ẹgbẹ́ olùtọ́jú fi ń kọ́ṣẹ́. Ọmọbìnrin ọdún 15 kan wọn kílò 40. Ní ìpele kìíní, olùtọ́jú kò wá ẹni tó jẹ̀bi. Òbí ló gbé gbogbo oúnjẹ lé lọ́wọ́, bí nọ́ọ̀sì ìbá ṣe gbé oògùn lé aláìsàn lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wọn ọmọ náà. Ní ìpàdé kejì, ẹbí gbé oúnjẹ wá, wọ́n sì ní kí òbí rí i pé ó jẹ ju iye tó fẹ́ jẹ lọ, ìbáà ṣe òkèlè kan ṣoṣo. Àbúrò rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣọ́ ọ. Kó ṣáà máa tù ú nínú ni.

Ìpàdé kẹrin ni àmì pàtàkì ti máa ń yọ. Ọmọ tó bá ti fi nǹkan bíi kílò 2.3 sanra nígbà náà ló ṣeé ṣe jù kó bọ́ lọ́wọ́ àìsàn náà. Ti ọmọbìnrin yìí kò ju kílò 0.6 lọ. Kí ló fà á? Bàbá gbà kó jẹ ìdajì ìrẹsì, màmá ní kó jẹ ẹ́ tán. Onímọ̀ oúnjẹ sì ti lọ fún ọmọ fúnra rẹ̀ ní ìwé ìṣirò oúnjẹ. Ẹgbẹ́ náà fi ìpàdé mẹ́ta kún un, wọ́n tún jẹun papọ̀, onímọ̀ oúnjẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá òbí nìkan sọ̀rọ̀. Dókítà yẹ ìtọ̀ wò, nítorí àwọn ọmọ kan a máa mu omi yó kí wọ́n tó gorí òṣùwọ̀n.

Nígbà tó sanra tó, tí ìjà orí tábìlì sì rọlẹ̀, ìpele kejì dé: ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ ọ̀sán fúnra rẹ̀ níléèwé. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, òbí á gba oúnjẹ náà padà. Ìpele kẹta kúrú. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́, ìdánwò àti bó ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń rí ìwòsàn bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí Lock ti 2010, nǹkan bí ìdajì ló gbádùn pátápátá lẹ́yìn ọdún kan tí ìtọ́jú parí. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kò lù tó 50 ní ìṣẹ́jú kan lọ́sàn-án, ilé ìwòsàn ló yẹ kó wà ná. Bí òbí bá sì ń bú ọmọ ṣáá, ó sàn kí olùtọ́jú máa rí wọn lọ́tọ̀.