BIOS Kọ̀ǹpútà: Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Fọwọ́ Kàn Án?

Bí iná bá lọ nígbà tí Wíńdòsì ń gba àtúnṣe, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kọ̀ǹpútà máa ń padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Bó tilẹ̀ bàjẹ́ pátápátá, a ó ki fláàṣì bọ̀ ọ́, a ó sì gbé Wíńdòsì mìíràn sí i. Ti BIOS le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Inú ṣíìpù kékeré kan lára màdábọ́ọ̀dù ni BIOS ń gbé. Bí a bá ti tan kọ̀ǹpútà, òun ló ń jí mẹ́mọ́rì, òun ló sì ń wá ibi tí Wíńdòsì wà. Ṣíìpù yìí kì í gba ìkọ tuntun lórí ti àtijọ́: a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa ti àtijọ́ rẹ́ ní ìpín-ìpín, ká tó kọ tuntun sí i. Bí iná bá lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, fáànù lè máa yí o, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà yóò ṣókùnkùn. Fláàṣì tí a bá kì bọ̀ ọ́ kò ní ṣiṣẹ́, nítorí ẹni tí yóò kà á ni kò sí mọ́.

Àwọn màdábọ́ọ̀dù kan ní ṣíìpù BIOS kejì, àwọn mìíràn sì ní bọ́tìnnì lẹ́yìn tó ń fi fláàṣì dá BIOS padà. Èyí tí kò ní ìkankan, àfi kí oníṣẹ́ fi ẹ̀rọ mìíràn kọ ọ́ sínú ṣíìpù náà tààrà. Kódà bí àtúnṣe bá yọrí sí rere, BitLocker lè béèrè kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48 kó tó ṣílẹ̀kùn fáìlì yín. Ẹ wá a sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà yín bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí ìwé àlàyé àtúnṣe náà kò sì sọ ju pé ó gba pírósẹ́sọ̀ tuntun tí ẹ kò ní lọ, ẹ fi í sílẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn.

Ṣùgbọ́n ti Íńtẹ̀lì ní 2024 yàtọ̀. Àwọn pírósẹ́sọ̀ ìran 13 àti 14 kan fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń béèrè agbára iná tó pọ̀ jù, ó sì ń bà wọ́n jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Géèmù yóò máa kú lójijì, Wíńdòsì yóò máa ṣubú. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni àtúnṣe 0x129 jáde, inú BIOS ló sì ń gbà wọlé. Ó ń dènà kí pírósẹ́sọ̀ béèrè ju fóótì 1.55 lọ, ṣùgbọ́n kò lè wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn. Ẹni tó ní irú rẹ̀ tó sún un síwájú ń fi pírósẹ́sọ̀ rẹ̀ wewu. Bákan náà ni ti àléébù ààbò tó kan màdábọ́ọ̀dù yín gan-an.

Ẹ tẹ `msinfo32`, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yà BIOS yín níwájú `BIOS Version/Date`. Ẹ gba fáìlì tó bá orúkọ màdábọ́ọ̀dù náà mu láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é nìkan. Bí ínfátà tàbí bátìrì tó lágbára kò bá sí lẹ́yìn kọ̀ǹpútà náà, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀.