Ṣé O Mọ̀ Pé Àwìn Ọjà Ní Ọjọ́ Tí Ẹjọ́ Rẹ̀ Ń Pẹ́ Jù?

Ṣé o mọ̀ pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wéèsì, ọdún 6 ni òfin gbèdéke ìpẹjọ́ ti ọdún 1980 fún ẹni tó tajà láwìn láti fi pe oníbàárà rẹ̀ lẹ́jọ́? Ní Sìkọ́tìláǹdì, ọdún 5 ni.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ tí ọjà kúrò nílé ìtajà ni wọ́n ti ń ka ọdún náà? Ọjọ́ tí owó yẹ kó wọlé tí kò wọlé ni. Ká ní ìyá ọlọ́jà kan ní Pékàmù, ní Lọ́ńdọ̀nù, kó iṣu àti epo pupa £4,800 fún olóúnjẹ kan ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2019, tó ní kó san án láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni àdéhùn pé. Kó tó di pé oṣù Kẹta 2025 parí, ó yẹ kí ìwé ẹjọ́ ti dé kóòtù.

Ṣé o mọ̀ pé sísin gbèsè kì í dá ọjọ́ dúró? Bí ìyá náà tẹ̀ ẹ́ láago lójoojúmọ́, tó kọ lẹ́tà ogún, ọdún ń lọ ni.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé kan láti ọwọ́ onígbèsè lè dá kíkà padà sí ìbẹ̀rẹ̀? Ká ní ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2023, olóúnjẹ náà kọ̀wé sí i pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo mọ̀ pé owó yín ṣì wà lọ́rùn mi, ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i,” tó sì buwọ́ lù ú. Ọdún 6 tuntun bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, títí di oṣù Kẹfà 2029. Kò pọn dandan kó kọ iye owó náà. Ìwé ọjà lè fi iye hàn.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó? Ìbáà fi gbogbo ara bẹ̀bẹ̀ lórí fóònù, bí kò bá sí ní kíkọ, tí òun tàbí aṣojú rẹ̀ kò sì buwọ́ lù ú, kò ka nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó bá san £50 lára gbèsè náà, sísan yẹn nìkan tó láti tún ọdún náà bẹ̀rẹ̀, kò dúró de ìwé.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé tó pẹ́ kò wúlò? Bí ọdún 6 bá ti pé kí onígbèsè tó kọ̀wé, tàbí kó tó san díẹ̀, ẹ̀tọ́ ẹjọ́ tó ti kú kò ní jí mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wéèsì, gbèsè náà fúnra rẹ̀ kì í parẹ́? Agbára àtipẹjọ́ ló lọ. Onígbèsè ló sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní kóòtù pé ọjọ́ ti kọjá. Bí kò bá sọ ọ́, adájọ́ kò ní bá a sọ ọ́.

Nítorí náà, má ṣe gba “màá san án” lásán lẹ́nu onígbèsè. Gba ìwé, kí ó buwọ́ lù ú, kí ọdún kẹfà tó pé.